"Wọ́n" Kì í Ṣe Orúkọ Ẹnì Kankan

Bí ẹnì kan bá tún sọ fún mi pé "gbogbo yín, ẹ ṣeun" tó sì pè é ní ọpẹ́, n ó bá a fa ọ̀rọ̀ náà.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó nígbà tí a ń kó káàdì àwọn aláìsàn wọ inú kọ̀ǹpútà, tiwa àti ti ẹ̀ka wa ní Ìkọ̀tún. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ oṣù. Obìnrin tó ń tọ́jú yàrá káàdì, Ìyá Káàdì ni gbogbo wa ń pè é. Òṣìṣẹ́ àdéhùn ni, àdéhùn rẹ̀ yóò sì parí ní òpin oṣù tí iṣẹ́ náà parí. Òun ló kíyè sí i pé àwọn obìnrin kan ní káàdì méjì, ọ̀kan lórúkọ bàbá wọn, èkejì lórúkọ ọkọ. Kọ̀ǹpútà ì bá kà wọ́n sí ènìyàn méjì. Ó pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wádìí, ó sì so káàdì wọn pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ara rẹ̀ kọ oògùn kan, inú káàdì àtijọ́ nìkan ni wọ́n kọ èyí sí.

Níbi ìpàdé ìparí, dókítà àgbà tó ni ilé ìwòsàn béèrè ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ káàdì méjì yẹn. Nọ́ọ̀sì kan fi àgbọ̀n júwe, ó ní, "Wọ́n ni wọ́n ṣe é, mà." Ìyá Káàdì ló ní lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ Yorùbá tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kò lè pe ẹni tó jù ú lọ ní "ó". Ṣùgbọ́n máníjà wa ló jókòó, Ìyá Káàdì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Dókítà àgbà wo máníjà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ gan-an, jàre."

Máníjà tẹrí ba. "A dúpẹ́, mà."

Bó ṣe gbé ọpẹ́ olọ́pẹ́ mì nìyẹn, kò tiẹ̀ mumi sí i. Kí n tó lanu, wọ́n ti kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kejì, máníjà ní kí n kọ ímeèlì ọpẹ́ sí gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Mo kọ ọ́. Mo kọ ohun tí oníkọ̀ǹpútà wa ṣe nígbà tí ẹ̀ka Ìkọ̀tún kò rí káàdì tiwa lórí kọ̀ǹpútà wọn. Mo kọ ti nọ́ọ̀sì tó ní kí àyè tí a ń kọ oògùn tí ara aláìsàn kọ̀ sí wà lókè pátápátá. Mo kọ ti máníjà fúnra rẹ̀, pé òun ló jà fún wa tí a fi rí ínfátà tó ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà. Fún Ìyá Káàdì, mo ní láti lọ bi í ní orúkọ àbísọ rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo kọ orúkọ náà, ohun tó ṣe, àti ewu tí ó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fi í han máníjà. Ó gé e títí ó fi ku ìlà méjì: orúkọ tirẹ̀, àti "gbogbo yín".

"Ímeèlì kì í ṣe oríkì," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá ń dárúkọ, ẹlòmíì á bínú ṣá."

"Ẹni tí mi ò bá dárúkọ ẹ̀ ló máa bínú, sà. Mo sì dárúkọ gbogbo wọn."

"Ẹ fi èyí tí mo gé ránṣẹ́."

N kò fi í ránṣẹ́. Èyí tí mo kọ ni mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, mo sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí dókítà àgbà, nítorí òun ló ń fọwọ́ sí àdéhùn. Ṣé kí n wá máa wòran, kí obìnrin yẹn máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́?

Kò pẹ́ tí máníjà fi pè mí. Ó ní kí n kọ òmíràn, kí n ní àṣìṣe wà nínú ti àkọ́kọ́.

Mo yí kọ̀ǹpútà sí i. "Ẹ fi ìlà tó jẹ́ irọ́ hàn mí, sà, màá tún un ṣe báyìí."

Ó kà á látòkè délẹ̀. Ó tún un kà. Ó ní kí n jáde.

Ìdáhùn dókítà àgbà dé ọwọ́ gbogbo wa: kí Ìyá Káàdì lọ máa darí yàrá káàdì ní Ìkọ̀tún, kí wọ́n sì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni ó fi pè é.

Èmi gba ìwé ẹ̀sùn pé mo tàpá sí àṣẹ, ó sì wà nínú fáìlì mi títí dòní. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí iṣẹ́ mìíràn bá parí lọ́la, orúkọ ni n ó tún kọ.