Máàkì tí Mo Kọ̀ láti Yọ

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Òkukù, níbi tí mo ti ń kọ́ni ní JavaScript, èdè kan tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ní kí n yọ máàkì ọmọbìnrin kan tó ń ti Ìnísà wá. Bí mo bá yọ ọ́, ó ti fìdí rẹmi. Ohun tó kọ nínú ìdánwò ni pé nínú JavaScript, kíláàsì, àpẹẹrẹ tí a fi ń dá object (ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ètò), kì í da iṣẹ́ kọ sínú object náà. Object tí kò bá ní iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀ yóò béèrè lọ́wọ́ object mìíràn tó so mọ́, ìyẹn prototype rẹ̀, èyí náà yóò sì béèrè lọ́wọ́ tirẹ̀.

"Ṣebí kíláàsì ni wọ́n kọ sínú JavaScript?" ni ọ̀gá wí. "Bíi ti Java, èdè kọ̀ǹpútà kejì yẹn, náà ni!"

"Ẹ̀wù lásán ni ọ̀rọ̀ yẹn, sà; prototype ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kíláàsì Java kì í yí padà bí ètò bá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo èyí."

Mo fi kíláàsì dá object kan lórí kọ̀ǹpútà, ó kí wa pé, "Ẹ káàárọ̀." Mi ò fọwọ́ kàn án, ìkíni inú prototype nìkan ni mo pààrọ̀. Mo tún pe object yẹn, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Ọ̀gá ní ìwé ẹ̀kọ́ àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwé náà ló ṣì í. Mo fún ọmọ náà ní gbogbo máàkì rẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo sì wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ìkìrun, níbi tí mò ń gbé.

Wọn ò pè mí mọ́ láti wá kọ́ni. Ọmọ náà yege.