Jímọ̀ Mẹ́rin Tí Kò Ṣeé San Padà

Ó ti rẹ Marufat. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn máa sùn kó jí kó ti lọ. Ọdún kọkànlélógún rèé tó ti ń gbẹ̀bí nílé ìgbẹ̀bí kékeré kan tí kò jìnnà sí Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń bá àwọn aboyún sọ ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeè. Ó ti sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi ń dá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, tí òun alára á máa ro ohun tó máa sè lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Oògùn ibà àkọ́kọ́ ni kulorokúìnì, hóró mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, méjì lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, méjì lọ́jọ́ kejì, méjì lọ́jọ́ kẹta. Ìyẹn á lé ibà tó bá wà nílẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni Sọ́ńdè-Sọ́ńdè, hóró kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, kí ibà tuntun má bàa wọlé, títí wọn á fi bímọ, títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á fi kọjá lórí ìbí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí jẹ́ ojoojúmọ́.

Àwọn obìnrin á ní àwọ́n ti gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Wọn á délé, wọn á da kulorokúìnì sí ààtàn torí ó ń yún wọn lára bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ẹlòmíì á kó Sọ́ńdè-Sọ́ńdè fún ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Marufat kò bá wọn jà mọ́. Ohun tó máa ń ṣe ni pé kí kálukú mú àpò oògùn rẹ̀ wá, á da hóró tó kù sí àtẹ́lẹwọ́, á kà á, á wo ọjọ́ tó fún wọn. Bí iye náà bá ṣe déédéé, ó tán. Bí kò bá ṣe déédéé, á wo obìnrin náà lójú, kò ní sọ nǹkan kan, obìnrin náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọgbọ́n yẹn ló gbára lé jù lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké tí wọ́n bá gbé wá.

Marufat kò bí ju ọmọ kan lọ, Waliyat ni, òun náà ló ń kì ní Àmọ̀kẹ́. Waliyat fẹ́ Shamsudeen, télọ̀ kan tó ń gbé l'Ọ́yọ̀ọ́; ilé-ìwé Lárúbáwá àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n ti mọra, ó sì lo ọdún mẹ́rin gbáko nílé ọkọ kí ó tó lóyún. Ẹ̀yin tí ẹ ti retí ọmọ rí, ẹ mọ bí ọdún mẹ́rin ṣe ń gùn tó. Ìyá ọkọ kò sọ̀rọ̀ burúkú sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń wo ikùn rẹ̀ bó bá ń gbálẹ̀. Nígbà tí ìròyìn oyún náà dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, Marufat jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìgbẹ̀bí, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ-ọmọ yìí nìkan ló kù tó ń wù ú láyé.

Ó mọ̀ pé oyún àkọ́kọ́ ni ibà máa ń bá jà jù. Ó mọ̀ pé ibà lè sá wọ inú ibi ọmọ lọ, kí ìyá máa rìn kiri láìsí ibà lára, kí oúnjẹ má sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú bó ṣe yẹ. Nítorí náà, nígbà tí oyún wọ oṣù kẹrin, ó wọ mọ́tò ní Takie, ó lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta dúró ti Waliyat títí ó fi lo kulorokúìnì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán. Waliyat fi kóòmù họ ẹ̀yìn títí ara rẹ̀ fi bó.

"Màmá, ẹ fẹ́ pa mí ni," ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Ìwọ máa họ ọ́. Ọmọ ń sùn nínú, kò mọ̀."

Nígbà tó kan Sọ́ńdè-Sọ́ńdè, Waliyat ní Sọ́ńdè kò dá òun lójú, òun lè gbàgbé. Marufat ní orúkọ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tó bá wù ú ni kó mú, kó má ṣáà yí i padà. Wọ́n mú Jímọ̀. "Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, tí o gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin lójú ọ̀nà, gbé e mì." Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe.

Ó ku díẹ̀ kí oṣù ààwẹ̀ wọlé ni Marufat tún wá. Ó gbé hóró mẹ́jọ sílẹ̀. Ó ní, "Ààwẹ̀ kì í ṣe dandan fún ìwọ tí o lóyún. Bí ara rẹ ò bá gbé e, ṣínu. Èyí tó bá bọ́, o máa san án padà tó bá yá." Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìyá Mùsùlùmí ń sọ fọ́mọ nìyẹn. Láti ìgbà tí Waliyat ti bàlágà ni ìyá rẹ̀ ti ń bá a ka ọjọ́ tó bọ́, tí yóò sì máa san wọ́n padà lẹ́yìn ọdún, ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan. Marufat padà sílé. Òun náà gba ààwẹ̀, ó ń gbẹ̀bí lórí òùngbẹ, kò ráyè lọ sí Ọ̀yọ́ mọ́ títí oṣù fi parí.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ló tó lọ. Ojú Waliyat funfun. Marufat fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ kò pupa tó bó ṣe yẹ. Ó bi í bóyá ara rẹ̀ gbóná.

"Ó ṣe mí bí òtútù fún ọjọ́ méjì nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ. Ó ti lọ, Màmá. Gbogbo ààwẹ̀ ni mo gbà, mi ò jẹ́ kí ẹyọ kan bọ́. Ààwẹ̀ ló jẹ́ kí n rù."

Marufat ní kó gbé àpò oògùn wá. Ó da á sí àtẹ́lẹwọ́. Méjì. Ó ka Jímọ̀ lórí ìka: ọ̀kan kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin nínú ààwẹ̀, ọ̀kan lánàá. Mẹ́fà ti lọ nínú mẹ́jọ. Ó pé, kò lé, kò dín.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ká ní hóró kan lé ni, kulorokúìnì ni ì bá tún bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n iye náà pé, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, ọ̀nà jìn. Ó ní ààwẹ̀ ni lóòótọ́, kí ó máa jẹun dáadáa, kó má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀. Ó gbé hóró púpọ̀ sí i kalẹ̀, ó sì wọ mọ́tò padà sílé.

Ìrọbí mú Waliyat ní oṣù keje ọdún náà, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìgbà tó yẹ. Ọmọkùnrin ni. Àwọn tó gbẹ̀bí rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, wọ́n fi òwú wé e, wọ́n fi ìgò omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Marufat dé bá a láàyè. Ó gbé e, ó sì mọ̀ pé kò ní yè, torí ó ti gbé irú wọn rí ju iye tó lè rántí lọ. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà kú.

Ó jókòó ti Waliyat nílé ọkọ. Wọ́n ń wẹ̀ fún un, wọ́n ń fún un lọ́bẹ̀ gbígbóná, gẹ́gẹ́ bí abiyamọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ kò sí. Nígbà tó di Jímọ̀, tí ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin ń dún lójú ọ̀nà, Marufat na omi àti hóró kan sí i. Ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí yóò máa lò ó, torí ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò lágbára.

Waliyat kọ ojú sí ògiri. "Màmá, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tó bá ṣe. Màá kó gbogbo ẹ̀ lò papọ̀ nígbà tí ara mi bá yá. Màá san án padà bí mo ṣe ṣe nínú ààwẹ̀."

Ife omi wà lọ́wọ́ Marufat. "Báwo lo ṣe ṣe nínú ààwẹ̀?"

"Ẹ ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ààwẹ̀ sì wà lẹ́nu mi nígbà yẹn. Bí oòrùn bá sì wọ̀, Jímọ̀ ti lọ nìyẹn. Mo wá kó wọn pamọ́. Ọjọ́ ọdún ni mo san mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbé wọn mì lẹ́ẹ̀kan náà. Èébì díẹ̀ ló kàn fẹ́ gbé mi."

Marufat gbé ife náà sílẹ̀. Odindi oṣù kan, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ẹ̀fọn ti pọ̀, kò sì sí nǹkan kan lára ọmọ rẹ̀ tó lè dá ibà dúró. Òtútù ọjọ́ méjì yẹn, ibà ni. Hóró mẹ́rin tó wá gbé mì lọ́jọ́ ọdún kò sì lè lé ohun tó ti wọlé jáde, iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Òun sì jókòó síbẹ̀, òun tí òun ti ń gbẹ̀bí láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, òun ka hóró, òun ní ó pé. Inú bí i sí ara rẹ̀ débi pé ó fẹ́ dìde kó máa lọ.

"Waliyat, oògùn kì í ṣe ààwẹ̀," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣọ́. Èyí tó bá lọ láìsí ẹ̀ṣọ́, ó ti lọ."

Waliyat yíjú sí i. "Ṣé òun ló pa ọmọ mi?"

Irọ́ kan wà lẹ́nu Marufat, irọ́ tó dáa, tó ti pa fún ìyá púpọ̀ rí. Kò rí agbára pa á. "Ó lè jẹ́ òun. Mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́, Àmọ̀kẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ohun tó bá bọ́ là ń san padà. Èmi náà ni mo mọ̀ pé ààwẹ̀ ń bọ̀, tí mi ò sọ fún ọ pé bí Jímọ̀ bá bọ́ sínú ààwẹ̀, nídìí ìṣínu ni kí o lò ó."

Waliyat kò pariwo. Ó sunkún, ìyá rẹ̀ náà sunkún, ìyá ọkọ sì gbọ́ láti ìta, kò wọlé. Nígbà tó ṣe, Waliyat na ọwọ́, ó gba hóró náà, ó gbé e mì.

Ní ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀lé e, Marufat kò ka hóró mọ́. Ó ń bi obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó lo èyí tó lò kẹ́yìn, àti ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó lò ó. Iṣẹ́ tó máa ń parí ní ọ̀sán di ti ìrọ̀lẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ń kùn pé Mọ́mì ti ń dàgbà. Ó gbọ́, ó pe ẹni tó kàn.

Ní gbogbo Jímọ̀, ó máa ń wọ mọ́tò láàárọ̀ ní Takie lọ sí Ọ̀yọ́, á fún Waliyat ní hóró kan, wọ́n á jókòó díẹ̀, á tún wọ mọ́tò padà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lọ. Ní Jímọ̀ kẹfà, ó dorí àpò oògùn náà kodò sí àtẹ́lẹwọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ.