Ariwo Kékeré Orí Fáàfù

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí lọ́jọ́ náà, irọ́ ni mo kọ́kọ́ pa.

Mówe ni mò ń gbé. Mo ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ilé. Bàbá mẹkáníìkì tó ń ti Ifọ̀ wá ló máa ń bá mi tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi ariwo kan tó ń ṣe lórí: tẹ́-tẹ́-tẹ́. Mo ní kí wọ́n bá mi pa ariwo yẹn, mi ò fẹ́ wàhálà.

"Fáàfù, ilẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì, ló ń sọ̀rọ̀ yẹn," ni wọ́n wí. "Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín irin àti irin níbẹ̀. Tó bá gbóná, irin á gùn sí i; tí kò bá sí àyè, fáàfù ò ní lè pa dé. Fi í sílẹ̀."

Ta ni yóò fi í sílẹ̀? Èmi kẹ̀! Mo ti wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, mo mú sípánà, mo ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, mo dẹ nọ́ọ̀tì, mo fún ìdè abẹ́ ẹ̀ títí irin ò fi mì mọ́ rárá. Ló bá dákẹ́ minimini. Mo yin ara mi.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹyin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wà nínú ẹ̀rọ oníná tí mo fi ń pa ẹyin. Àwọn adìẹ tí olóògbé ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ló yé wọn. Àrùn wọlé, ó kó àwọn adìẹ náà lọ, ó ku ẹyin. Tí wọn ò bá pa, ìran adìẹ ìyá mi parí nìyẹn.

Ogúnjọ́ pé, ó ku ọ̀la kí wọ́n pa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni tiransifọ́mà àdúgbò bú gbàmù. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Kò tíì tó wákàtí kan tí gílóòbù fi ń ṣe bàìbàì, ẹ́ńjìnnì ń húkọ́, ó ń yin pọ́ọ̀, pọ́ọ̀ jáde lẹ́nu kabúrétọ̀, ó sì kú. Mo fa okùn. Okùn náà fúyẹ́, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó ń dá a dúró. Mo pe bàbá. Kí wọ́n tó dé, ó ti tutù, mo tún tan án, ó jẹ́. Nígbà tó gbóná, ó tún kú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú náà ni wọ́n wọlé.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n fa okùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo ìdérí. "Ta ló fọwọ́ kan èyí?"

"Èmi kọ́ o, bàbá."

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. "Ó dìgbà tó bá tutù. Téèyàn bá wọn àyè fáàfù ní gbígbóná, irọ́ ló wọ̀n."

"Bàbá, ẹyin mi ń kú!"

"Lọ bò wọ́n."

Mo ki ìgò omi gbígbóná sáàárín ẹyin, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀rọ náà, omijé ń bọ́. Mo mú ẹyin kan sétí. Bàbá bi mí pé kí ni mò ń gbọ́.

"Ọmọ inú ẹ̀ ń ké, bàbá. Èyí tó bá dákẹ́ ló ń já mi láyà."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo padà kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun. Èmi ni. Mo fẹ́ kó dákẹ́ ni."

"Mo ti mọ̀," wọ́n ní. "Àmì sípánà tuntun wà lórí nọ́ọ̀tì. Dìde."

Nígbà tó tutù pátápátá, wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n ki igi ìgbálẹ̀ sí ojú ihò rẹ̀, wọ́n ń fa okùn díẹ̀díẹ̀ títí písítìnì fi gbé igi náà dókè. Fáàfù méjèèjì ṣì ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní òkè yẹn kọ́, wọ́n tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, fáàfù méjèèjì sì pa dé. Wọ́n mú irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àyè. Kò wọlé rárá. Wọ́n dẹ ìdè náà títí irin fi ń yọ́ kọjá, tó kàn ń fà díẹ̀. Ti ibi tí èéfín ń gbà jáde, èyí tó nípọn díẹ̀ ni wọ́n lò, torí ibẹ̀ ló ń gbóná jù. Wọ́n di ìdè mú kó má yí, wọ́n fún nọ́ọ̀tì, wọ́n tún wọ̀n ọ́n.

"Ọlọ́run yọ ọ́," ni wọ́n wí. "Tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, fáàfù á jóná."

Wọ́n fa okùn, ó le lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ́. Tẹ́-tẹ́-tẹ́.

Nígbà tó yá, ẹyin mọ́kàndínlógún pa. Mo gbé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù sétí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì-mejì, kí n tó gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo pa wọ́n. Aládùúgbò wá pè mí níbẹ̀ pé jẹnẹrétọ̀ mi ń pariwo. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kó máa pariwo.