Èsì Ìdánwò Tí Kò Gbọdọ̀ Ju Ọgọ́rùn-ún KB Lọ

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni mo ń ta ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan ń fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, àfi bíi pé èmi àti ẹ̀ la jọ gbìn ín. Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn ni ọmọbìnrin mi ti sáré dé: ọ̀la ni wọ́n máa ti pọ́tàlì, ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ olùkọ́. Láti ìgbà tó ti parí kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ti ń bá mi ru ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo pa ìsọ̀ dé, a kọrí sí kàfé kọ̀ǹpútà kan nítòsí ọjà ní Oǹdó.

Èsì ìdánwò rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Ilé ìwé ò tíì fún un ní ojúlówó. Sikirinṣọ́ọ̀tù tó yà lójú fóònù rẹ̀ nìkan ló ní.

Ọ̀gá kàfé ní, "Mọ́mì, eléyìí gùn jù. Ẹgbẹ̀ta píkísẹ́lì ní ìbú, ẹgbẹ̀rin ní òòró ni wọ́n fẹ́. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Kò sì gbọdọ̀ wúwo ju ọgọ́rùn-ún KB lọ."

"Ṣé ìyàwó ni wọ́n ń wá ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gé òkè, níbi tí bátìrì àti aago fóònù wà, ó gé ìsàlẹ̀, ó wá dín ìyókù kù títí ó fi di ẹgbẹ̀ta sí ẹgbẹ̀rin géérégé. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ KB méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Pọ́tàlì dá a padà.

"Nítorí méjì? Wọn ò mọ èènì ni?"

"Mọ́mì, eléyìí kì í gba èènì."

Èrò ti tò sẹ́yìn wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀. Dípò kó rọra dín bí àwòrán náà ṣe mọ́ tó kù díẹ̀, ó wọ́ ọ wálẹ̀ pátápátá. Ó di KB méjìlélógún.

Ọmọ mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, lẹ́tà rẹ̀ ò hàn dáadáa mọ́ o."

"Ẹ̀rọ kì í kàwé, ó kàn ń wọn nǹkan ni."

Òótọ́ ló sọ. Pọ́tàlì gbà á, ọmọ mi fi í ránṣẹ́. Mo tiẹ̀ jó díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pè é fún àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí ní Àkúrẹ́, mo tẹ̀ lé e. Obìnrin kan tó wọ awò ojú fẹ àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo lẹ́tà sì dà bí eérú tí òjò pa.

"Ṣé A nìyí àbí D?"

"A ni, mà. Ẹ wo èyí tó mọ́ kedere lórí fóònù mi."

"Èyí tó wà lórí pọ́tàlì nìkan la lè wò."

"Ẹ jẹ́ kí n fi òmíràn sí i, ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Wọ́n ti tì í."

Mo ní kí n pa á lẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dúdú pàápàá, èèyàn ṣì ń rà á din dodo. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fagi lé orúkọ ọmọ mi, ó pe ẹni tó kàn.

Ọkọ̀ wa kọjá Bọ́lọ́rundúró. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, aago mélòó la máa ṣí ìsọ̀ lọ́la?"

Ì bá kúkú sunkún. N kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe. Mo kọjú sí fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro owó kàfé, owó ìwé tí a tẹ̀, owó ọkọ̀ àwa méjèèjì ní àlọ àti àbọ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.