Hameedat àti Ọ̀rọ̀ Bàbá Adébùsóyè Tí Kọ̀ǹpútà Fò Kọjá

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri àdúgbò wa ní Àkúrẹ́ pé Hameedat jí ọ̀rọ̀ Bàbá Adébùsóyè tà fún ilé rédíò kan n'Ìbàdàn, pé ìyẹn ló fẹ́ da bàbá náà lórí rú. Irọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí Hameedat ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń sun bọ̀ọ̀lì, ojú mi ló ṣe. Ó ṣẹ bàbá náà, mi ò ní sọ pé kò ṣẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kò jalè.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá Hameedat ti wá ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ibí ni wọ́n sì bí i sí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹnu ẹ̀ ò dákẹ́ rí. Bọ̀ọ̀lì tó bá jó díẹ̀ ló fẹ́ràn. "Mọ́mì Ìbídùnní, ẹ sun tèmi kó ronú pìwà dà," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Bàbá Adébùsóyè ní tiẹ̀, orí rédíò ló ti lo ayé ẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì sílé ẹ̀ nílùú Oǹdó. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ sọ ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ sórí ìwé. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, Fẹ̀yìntọlá, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàkà ní Àkúrẹ́ níbí, ló kó gbogbo ẹ̀ wá sínú fláàṣì: ọgọ́rọ̀ọ̀rún fáìlì PDF, nínú fódà kan ṣoṣo. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú wọn bọ́ sójú kan, kí wọ́n lè fi ṣe ìwé.

Olúfẹ́mi tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí Hameedat máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa kọ́pì wọn.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí n darúgbó sídìí ẹ̀ ni? Python ni màá fi ṣe é."

Ó bá fi Python yẹn, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tẹ ìlà díẹ̀, kò tiẹ̀ kún ojú kọ̀ǹpútà. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi: "Àṣẹ ni mò ń kọ fún un, Mọ́mì. Wọ inú fódà yìí. Mú gbogbo fáìlì tí orúkọ ẹ̀ bá parí sí pdf. Ṣí i, máa fa ọ̀rọ̀ yọ láti ojú ìwé kan sí èkejì, kọ orúkọ fáìlì náà, kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, kó o bọ́ sórí òmíràn." Ìlà tó kọ kẹ́yìn ni pé tó bá ti ṣe dé òpin, kó kọ "Ó ti tán" síta.

N ò tíì yí bọ̀ọ̀lì mi padà tí kọ̀ǹpútà fi kọ "Ó ti tán". Hameedat ṣí fáìlì ńlá tó jáde, ó rí ìkíni Bàbá lókè níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kún bámúbámú. Kò wo ìsàlẹ̀. Ó gbé fóònù: "Ẹ̀gbọ́n Fẹ̀yìntọlá, gbogbo ẹ̀ ti wọlé, kò ku ẹyọ kan!"

Ọ̀rọ̀ "tán" yẹn náà, ẹ̀yin ẹ wò ó. Iṣẹ́ parí, a ní ó tán. Omi ò sí nínú ìkòkò mọ́, a tún ní ó tán. Kọ̀ǹpútà ò sọ èyí tó ń wí.

Fẹ̀yìntọlá mú Hameedat dání lọ sí Oǹdó kó lọ fi han Bàbá bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Inú Bàbá dùn. Ó ní kí wọ́n bá òun wá ìtàn olè iṣu ìlú Ipogun, ọkùnrin kan tó ń fi iṣu tó jí bọ́ ajá olóko, títí ajá fi tẹ̀lé e délé tó sì tú àṣírí ẹ̀. Wọ́n tẹ "Ipogun". Kò sí. Ó ní kí wọ́n wá òmíràn, èyí tó sọ nípa odò tó gbé afárá lọ. Kò sí. Ẹ̀kẹta, kò sí.

"Bàbá mi," Fẹ̀yìntọlá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "bóyá ẹ kàn rò pé ẹ sọ ọ́ ni."

"Mo sọ ọ́. Ìyá yín gan-an rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú ẹ̀."

"Hameedat, ṣé lóòótọ́ ni pé kò ku nǹkan kan?"

"Kò ku nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n."

Ọkàn Fẹ̀yìntọlá ò tíì balẹ̀ látìgbà tí Bàbá ti gbàgbé ìkòkò sórí iná, ló bá ní ọ̀rọ̀ ti yé òun wàyí: kí Bàbá ti ilé Oǹdó pa, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Àkúrẹ́. Bàbá ní inú ilé yẹn lòun fẹ́ wà títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Àmọ́ Hameedat ní ohùn ẹ̀ ò le mọ́, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ láti jiyàn.

Nígbà tí Hameedat padà dé ṣọ́ọ̀bù ló tó yí fáìlì yẹn dé ìsàlẹ̀. Ó rí orúkọ fáìlì, kò sí nǹkan lábẹ́ ẹ̀. Orúkọ mìíràn, òfìfo. Ó jáde wá bá mi.

"Mọ́mì, àwọn àtijọ́, taipuráítà ni Bàbá fi tẹ̀ wọ́n. Fọ́tò wọn ni wọ́n yà tí wọ́n fi di PDF. Èèyàn rí lẹ́tà níbẹ̀, àwòrán ni kọ̀ǹpútà rí. Kò rí ọ̀rọ̀ tó máa fà yọ, ó sì kọjá lọ."

"Kí ló dé tí kò pariwo?"

"Òfìfo kì í ṣe àṣìṣe lójú tiẹ̀. Èmi ni mi ò ní kó pariwo. Kí n kàn fi kún un pé tó bá bá òfìfo pàdé, kó dárúkọ fáìlì náà fún mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó yá, gbé fóònù."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ó di ọ̀la."

Ọ̀la ò dé o. Ó ti fọ́nnu jù, ojú ń tì í. Ó kàn ń wò mí, bọ̀ọ̀lì ẹ̀ á tutù lọ́wọ́ ẹ̀, kò ní bú mi pé n ò jẹ́ kó jó. Mo ní, "Hameedat, àgbàlagbà kan ń ro ara ẹ̀ sí aṣiwèrè nítorí ẹ." Ó ní, "Mo mọ̀."

Àfìgbà tí mọ́tò Fẹ̀yìntọlá dúró níwájú wa, àpótí Bàbá lẹ́yìn ẹ̀, Bàbá níwájú. Ó na orí jáde, ó sì rẹ́rìn-ín sí Hameedat. "Ọmọ mi, má bínú pé mo da iṣẹ́ ẹ láàmú lọ́jọ́sí. Ọjọ́ ogbó ni."

Ibẹ̀ ni Hameedat ti kúnlẹ̀ sínú eruku. "Ẹ kọ ọ́, Bàbá! Ẹ kọ gbogbo ẹ̀. Èmi ni mi ò wò ó dópin."

Ó fà wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí fọ́tò ìwé àtijọ́ náà. Olè iṣu Ipogun rèé lójú kọ̀ǹpútà, ajá ń tẹ̀ lé e, àmì orí lẹ́tà tí Bàbá fi báírò kọ sí i fúnra ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Fẹ̀yìntọlá yíjú sí i. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Hameedat ní láti ọjọ́ tóun ti Oǹdó dé ni.

"Mo ti pe gbogbo ẹbí pé orí bàbá mi ti ń yí. Ìwọ jókòó síbí, ò ń jẹ bọ̀ọ̀lì!"

Bàbá kàn ní, "Fẹ̀yìntọlá, yí mọ́tò padà." Wọn ò sọ àpótí yẹn kalẹ̀ ní Àkúrẹ́.

Hameedat wá ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ka lẹ́tà lára fọ́tò. Ó rí ọ̀rọ̀ náà yọ, àmọ́ ó gbé àmì jù nù. "Ọkọ́" di "oko". Ó jókòó, ó ń wo fọ́tò, ó ń dá àmì padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe é. Bàbá sọ fún un pé òun ti dárí jì í. Mo ní kó jẹ́ kí ara tù ú, ó ṣáà ti sàn.

Ó mi orí.

"Kò sàn, Mọ́mì. Bàbá pè mí láàárọ̀ yìí. Ó fẹ́ pa ìtàn kan fún ọmọ-ọmọ ẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ bá òun wò ó nínú kọ̀ǹpútà, bóyá òun mọ̀ ọ́n lóòótọ́."