Ṣé Kí N Nù Ún?

Pa-á-tan-án ni àwọn oníbàárà ń pe ọkọ mi, torí ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tó ń fún gbogbo ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ṣàìsàn nìyẹn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ olórí kunkun ni. Fúláàṣì tó fi ń gbé Wíńdò sórí ẹ̀rọ, ọ̀nà àtijọ́ ló ṣì ń gbà ṣe é. Mo sọ ọ́ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé láàpútọ́ọ̀pù wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Wíńdò rẹ̀ ti bàjẹ́. Inú rẹ̀ ni ohùn ìyá wọn tó ti kú wà, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn ọmọ-ọmọ níyànjú. Kò sì sí níbòmíràn. Àwa rò pé inú fóònù ẹ̀gbọ́n ló wà. Àwọn náà rò pé a mọ̀ pé inú láàpútọ́ọ̀pù ló wà. Wọ́n kàn ní, "Àbúrò mi, bá mi tún un ṣe," wọ́n sì sáré padà síbi iṣẹ́.

Ọkọ mi ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀. UEFI ni ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ tuntun ń gbà tan, Secure Boot sì dúró bí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kì í gba ohun tí kò bá ní òǹtẹ̀ tó mọ̀ láàyè. Legacy, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́, nìkan ni fúláàṣì tiwa mọ̀. Ọkọ mi wọnú sẹ́tíìnì, ó pa ẹ̀ṣọ́, ó yí UEFI sí Legacy. Fúláàṣì bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà ń súfèé. Àmọ́ nígbà tó yan ibi tí Wíńdò máa wọ̀, ẹ̀rọ ní kò ṣeé ṣe, torí ìlànà tuntun tó ń jẹ́ GPT ni wọ́n fi pín dísíìkì yẹn, Legacy kò sì bá a mu.

"Dá sẹ́tíìnì padà, kó o tún fúláàṣì ṣe lọ́nà tuntun," ni mo wí.

"Ìyẹn á pẹ́. Màá nù ún."

Nínù, lẹ́nu àwa tá a ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ni ká pa gbogbo ohun tó wà lórí dísíìkì rẹ́, ká lè tún un pín. Èmi ni mo ní kó kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pè wọ́n.

"Àǹtí mi, ṣé kí n nù ún?"

"Nù ún jàre! Ìdọ̀tí ti pọ̀ jù níbẹ̀."

Ó nù ún.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n yìn ín, wọ́n ní ẹ̀rọ ń dán. Wọ́n wá inú rẹ̀ lọ, wọ́n wá a bọ̀. "Ohùn Màmá dà?"

"Àǹtí, ẹ ní kí n nù ún."

"Ojú rẹ̀ ni mo ní kó o nù!"

Gbogbo ọgbọ́n tí ọkọ mi dá láti wá a padà, pàbó ló já sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ẹ̀rọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ó ṣe fúláàṣì mìíràn lọ́nà tuntun, ó dá UEFI padà, ó tan Secure Boot, ó ki fúláàṣì bọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò bi í ní nǹkan kan.

"Ìyá tèmi náà ni," ó wí, omijé sì bọ́.

Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo na aṣọ ìnujú sí i. Mi ò lè la ẹnu sọ pé kó nù ún.