Òjìji Abẹ́ Ewúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Adéjọkẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu dídùn bo òtítọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pè é láti ṣe adájọ́ nígbà tí àwọn iléèwé bá ń díje lórí àwòrán yíyà. Ìkẹ́rẹ́ ló ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Ìsẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, Lékan, ti ń kọ́ tirẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ti pàdé. Níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ Lékan pé òjìji kì í ṣe dúdú lásán, pé kó máa fi àwọ̀ elésè àlùkò díẹ̀ sí i. Láti ìgbà náà, igi ni Lékan yà o, ìkòkò ni o, àlùkò kò ní ṣàì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá ya òru, á wá àlùkò fún un.

Ohun tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nílé ló wá dá wàhálà sílẹ̀ níbi ìdíje kan ní Emùré.

Wọn kò kọ orúkọ sí ojú àwòrán kankan. Nọ́ńbà nìkan ló wà lẹ́yìn. Àwọn adájọ́ mẹ́ta ló ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á ro ó pọ̀, wọ́n á sì pín in sí mẹ́ta. Èyí tó ga jù ni ti màmá àgbà kan tó ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí kòkó tí wọ́n sá. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi wo abẹ́ ewúrẹ́ náà. Àlùkò.

Òfin ìdíje ni pé ọmọ nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọn adájọ́ bá ń ṣiyèméjì, wọ́n á pe ọmọ náà kó tún apá kan yà lójú wọn. Wọ́n pè é: Tóyọ̀sí, ọmọ Ìsẹ̀. Ó jókòó, ó ya ewúrẹ́. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn, nítorí ewúrẹ́ náà fẹ́ẹ̀ rìn kúrò lórí bébà. Ṣùgbọ́n kò ní òjìji. Wọ́n bi í léèrè.

"Ọ̀gá wa ló bá mi fi èyí yẹn kún un, mà," ni ó wí, láìmọ̀ pé ó ba nǹkan jẹ́.

Bọ́lárìnwá, adájọ́ kejì, fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ọkọ yín mà ni, Màmá Dayọ̀. Ẹ jẹ́ ká dín máàkì rẹ̀ kù, ká gbé e sípò kejì."

"Ta ni ká wá gba ipò kejì lọ́wọ́ rẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

Bọ́lárìnwá gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dìde. Lékan wà ní ìlà iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́; inú bí mi sí ẹ̀rín náà kí n tó mọ̀dí rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe fún wọn ní máàkì," ni ó wí. "Àtinúdá ló ní ọgbọ̀n: ṣé ojú ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló rí ohun tó yà, àbí inú ìwé ló ti wò ó? Ogún ni fún àkòrí, 'Oko Wa'. Ogún fún ìtò: kí ni ojú kọ́kọ́ rí, ṣé àyè kò ṣófo jù? Ogún fún bó ṣe lo pẹ́ńsùlù àti ọ̀dà. Mẹ́wàá tó kù, ìmọ́tótó. Bí ẹni méjì bá gba máàkì kan náà, a ó wo àtinúdá."

Ó pe ipò kẹta, Jùwọ́n láti Ògòtún: ìtò rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀dà rẹ̀ ṣàn. Ó pe ipò kejì. Ó pe Glory, ọmọ Emùré, sí ipò kìíní, nítorí ẹsẹ̀ bàbá àgbẹ̀ nìkan ló yà, gbogbo oko sì wà níbẹ̀. Àtẹ́wọ́ dún. Ẹ̀rín ti kúrò lójú Lékan.

"Iṣẹ́ kan wà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "tí máàkì rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. A yọ ọ́ kúrò. Ọwọ́ àgbà ló wà lórí rẹ̀. Ọmọ náà kò jẹ̀bi."

Kò dárúkọ. Tóyọ̀sí ti ń sunkún.

Mo wà lẹ́yìn nínú ọkọ̀, Lékan kò tíì ṣáná sí i. "Uṣẹ́ ọmọ náà kò burú tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó dán ni. O sì mọ̀ pé èmi ni."

Ẹ̀gbọ́n mi fa bébà ewúrẹ́ tí Tóyọ̀sí yà lójú àwọn adájọ́ yọ, ó gbé e lé Lékan lẹ́sẹ̀.

"Àwa adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún èyí náà ní máàkì. Bí ẹ bá ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yà á, Bàbá Dayọ̀, òun ni ì bá gba ipò kìíní."

Lékan wo ewúrẹ́ náà títí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bínú sí i. Lẹ́nu géètì, Tóyọ̀sí dúró pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó ń retí kí ọ̀gá rẹ̀ wá sọ fún un ibi tí òun ti ṣàṣìṣe.